Ẹ bá mi wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kí n tó fi ránṣẹ́: oníbàárà mi ṣọ̀fọ̀, wọ́n gbé e ga, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣọdún

Atẹ̀wé Ṣómólú (Ọjọ́rú, 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú: kàlẹ́ńdà, ìwé rìsíìtì, ìwé ètò ìnáwó. Mo ní oníbàárà kan, òun ló ń bójú tó ọjà rírà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi sínú ike. Ọdún kẹrin rèé tí a ti jọ ń ṣe. Bàbá rẹ̀ jáde láyé lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹni ọdún 71. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin wọ́n. Èmi ò gbọ́ àfi lánàá.

Ohun tó wá kó ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni wọ́n sọ ọ̀gá yìí di olórí ẹ̀ka wọn, n kò sì tíì kí i kú oríire. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe àjọyọ̀ ọdún 25. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò rẹ̀, ₦640,000 ló sì kù nílẹ̀ nínú owó iṣẹ́ náà. Ohun tí mo kọ rèé, n kò tíì fi ránṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo gbọ́ pé bàbá yín kú. Ẹ kú ìnáwó o, òkú àgbà ni, ayọ̀ ni. Ẹ kú oríire ìgbéga yín náà, òkè òkè lẹ ó máa lọ. A sì ń bá ilé iṣẹ́ yín yọ̀ fún ọdún 25. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbàgbé bálánsì wa. Láti ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wa."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ti wọ́.

Ọmọ Olóyè Ìjẹ̀bú (9:31)

Kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bálánsì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ yọ. Ọdún 71, tó ti rí ọmọ, tó ti rí ọmọ ọmọ, òkú àgbà ni. Ní ilé tiwa a kì í sunkún irú rẹ̀, "ẹ kú ìnáwó" là ń kí ara wa. Tẹ́ ẹ bá fajú ro jù, ẹ ó dà bí ẹni tí kò mọ àṣà.

Bàbá Onípáànù (9:40)

Ọmọ mi, má jẹ́ kí owó yẹn sùn o. Tí wọ́n bá fi lè ṣe àjọyọ̀ tán, wọ́n á ní inú àjọyọ̀ lowó lọ. Ìwé owó ni kó o mú dání, kó o lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ Ajé. Bí mo ṣe ń gba owó páànù mi nìyẹn. Ẹni tó bá tijú kì í rí owó rẹ̀ gbà.

Atẹ̀wé Ṣómólú (9:52)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Bí mo ṣe máa kí i ló ń dà mí láàmú, owó yẹn kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Wọn ò jẹ gbèsè lọ́rùn mi rí.

Akọ̀wé Àná (10:20)

Àbúrò mi, ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé fún àwọn ọ̀gá kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ṣọ̀fọ̀ níbì kan, orí tábìlì mi ni lẹ́tà ti ń jáde. Nǹkan mẹ́rin lo dì sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó lọ lónìí.

Jẹ́ ká mú un láti òkè. "Mo gbọ́ pé bàbá yín kú." A kì í fi ẹnu lásán pe ikú àgbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bàbá papò dà, bàbá sùn, bàbá jáde láyé. Ọba ló ń wàjà: nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí lọ lóṣù kẹrin ọdún 2022, kò sẹ́ni tó mọ èdè tó sọ pé Aláàfin kú. "Bàbá yín" náà, yí i sí "bàbá wa". Yíyí yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé o bá a dá sí i. Lẹ́tà "bàbá yín" dà bíi lẹ́tà bánkì.

Ti "ẹ kú ìnáwó", mo fẹ́ kó o dúró ná. Ìkíni ọjọ́ ìnáwó ni. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ láìdáná, láìdá aṣọ, kí ló ná tí à ń kí i kú ẹ̀? "Ẹ kú aráfẹ́rakù" ni ìkíni tí kò lè ṣì ọ́ lọ́wọ́ lónìí. Àti pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni à ń wò ká tó pe òkú ní òkú àgbà. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: ta ló ṣẹ́kù lókè bàbá náà? Bí ìyá tàbí bàbá ẹni tó lọ bá ṣì wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ ni nílé yẹn, ì báà jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ló ṣíwájú òbí. Wádìí rẹ̀ kó o tó kọ̀wé.

Oríire àti owó, yọ wọ́n kúrò pátápátá. Ti ọdún 25, èmi àtìẹ ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Aláṣọ Gbági (10:47)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo pàdánù ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 19, nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹnìkan tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí mi pé: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mo mọ̀ pé kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, abiyamọ tí ọmọ jòjòló rẹ̀ kú là ń sọ ọ́ fún, nítorí ìyá ṣì wà, ó ṣì lè bí òmíràn. Ọmọ tèmi ti ń bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti mọ orúkọ gbogbo oníbàárà. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú fóònù yẹn lọ́wọ́, mo ń ka "omi ló dànù" léraléra. Mo ṣì ń rajà lọ́wọ́ ẹni náà, àmọ́ ohun tó wà láàárín wa tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹnìkan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀, tó ń ta òwú, kọ gbólóhùn méjì péré. Ó ní, "Màmá, mo gbọ́, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọmọ tó máa ń bá mi gbẹ́rù wọnú mọ́tò ni." Mo ṣì ní i nínú fóònù mi.

Akọ̀wé Àná (10:58)

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọlọ́run á bá wa dá àwọn tó kù sí.

Atẹ̀wé, ó yẹ kí n ti bi ọ́ léèrè: ṣé o mọ bàbá yẹn rí?

Olóòórùn Dídùn (11:15)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Wáàsáàpù oníṣòwò, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìdáhùn tí ẹ tò sínú rẹ̀ tó ń lọ fúnra rẹ̀. Lọ́fínńdà ni mò ń tà. Mo kí oníbàárà kan kú ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ lálẹ́. Ó dáhùn ní nǹkan bí aago mọ́kànlá pé "Ẹ ṣeun, ẹ kò ní rí ibi". Kíá, fóònù mi dá a lóhùn pé: "Ẹ káàbọ̀! Èwo nínú àwọn òórùn wa ló wù yín lónìí?" pẹ̀lú òdòdó pupa mẹ́ta. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, n kò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Méjì ni wọ́n. `Greeting message` máa ń lọ sí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín, tàbí ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. `Away message` ló ń lọ ní àkókò tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ `Business tools`. Ẹ wọ inú wọn, ẹ yọ orúkọ ẹni náà kúrò lára àwọn tó ń lọ sí, tàbí kí ẹ pa á ná. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ fi nọ́ńbà tara yín kí i.

Atẹ̀wé Ṣómólú (11:50)

Ha! Tèmi wà ní títàn o. Mo ti pa á báyìí.

Akọ̀wé Àná, mo rí bàbá náà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n bá ọmọ wọn wá gba ìwé àkókò ààwẹ̀ tí mo tẹ̀ fún mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, 200 ni. Wọ́n jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ni wọ́n rí tí tádà ti yí lára rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ sápá kan, wọn ò bínú. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi.

Mo tún wádìí bí ẹ ṣe ní kí n wádìí. Dẹ́rẹ́bà wọn wá gbé àwọn ìwé ètò yẹn láàárọ̀ yìí. Ó ní ìyá bàbá náà ṣì wà láyé, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ó ní wọn ò tíì sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ wọn rìnrìn àjò.

Ọmọ Olóyè Ìjẹ̀bú (12:04)

Ha. Mo gbà, mo gbà. N kò mọ̀ pé ìyá ṣì wà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, "ẹ kú ìnáwó" ò ṣe é gbọ́ létí rárá, ẹ foríjì mí. Kódà bí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́jẹ́wọ́jẹ́ ni wọ́n máa ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: kí lẹ fẹ́ kọ̀wé sí? Ẹ pè é. Ẹni tẹ́ ẹ ti ń bá ṣe láti ọdún mẹ́rin!

Akọ̀wé Àná (12:33)

Olóyè, n kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà péré rèé. Ìpè ń fi dandan lé e pé kó gbé e, kó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ fún ogójì èèyàn. Ìwé máa ń dúró dè é di ìgbà tó bá ráyè. Ìpè dára fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun nílé ara yín.

Atẹ̀wé, ohun tí o sọ yìí yí ohun méjì padà. Àkọ́kọ́, má ṣe gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ, má fi fọ́tò bàbá náà síbì kankan, má sì kọ ìkẹ́dùn sábẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ wọn bá gbé jáde fún àjọyọ̀. Ọmọ ọmọ kan tó ń fi fóònù ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà tó láti tú àṣírí náà. Ìkejì, má ṣe dárúkọ ìyá àgbà nínú lẹ́tà rẹ. Ẹnu dẹ́rẹ́bà lo ti gbọ́ ọ, ọ̀gá náà kò sọ fún ọ. Gbàdúrà kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà tó kù sí, ó máa yé e.

Ìwé àkókò ààwẹ̀ tí bàbá kà lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn, òun ni lẹ́tà rẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkíni tó máa wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, kò ní sí ẹlòmíràn tó lè kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé o kò mọ bàbá náà rí, mi ò ní ní kó o hùmọ̀ ìyìn fún un. "Bàbá dáadáa ni wọ́n" láti ẹnu ẹni tí kò rí wọn rí máa ń dun ọmọ ju kéèyàn dákẹ́ lọ.

Fi orúkọ ara rẹ sí i. "Gbogbo òṣìṣẹ́ wa" kò kẹ́dùn, ìwọ lò ń kẹ́dùn.

Àáfà Ìwó (1:10 ọ̀sán)

Às-sàláámù aléékúmù. Àdúrà tó bá ilé náà mu ni kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kí Ó fi Alijannà kẹ́ wọn. Ẹ má kọ "kí ọkàn wọn sinmi nínú Olúwa", ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ kí oníṣòwò daakọ ìkíni kan, kó máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Ní ti fídáù, ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí Yorùbá máa ń ṣe é lọ́jọ́ kẹjọ. Tí wọ́n bá sin bàbá lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹtì ọ̀túnla yìí ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "ẹ kú ìmúra fídáù" o. Àwọn kan wà nínú wa tí wọn ò fara mọ́ fídáù rárá, wọ́n ní kò sí nínú sùnná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ fún yín.

Kọntirátọ̀ Abẹ́òkúta (1:42)

Ẹ má bínú pé mo yà bàrá. Èmi ní ti ìgbéga ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnìkan tó ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi jẹ Dírẹ́kítọ̀ ní mínísírì kan. Mo fẹ́ gbé agbọ̀n ẹ̀bùn ńlá kan fún un pẹ̀lú káàdì. Ṣé kí n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ mi sórí rẹ̀ àbí tèmi?

Akọ̀wé Àná (2:05)

Káàdì nìkan, má gbé agbọ̀n. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Karùn-ún rẹ̀, sọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òwò tàbí ẹni tó ní kọ́ńtíráàtì pẹ̀lú ìjọba, wọ́n á kà á sí pé ó rú òfin, àfi tó bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òfin náà gbà láyè láti fúnni lẹ́bùn, ní ìwọ̀n tí àṣà bá gbà. Orúkọ yòówù tó o bá kọ sórí rẹ̀, kọntirátọ̀ ni ọ́. Ẹ̀bùn rẹ máa di ẹrù tí òun ní láti ṣàlàyé.

Nínú káàdì náà, má dárúkọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín. "Ẹ kú oríire, ẹ ó lo ipò náà pẹ́, ẹ ó lò ó re" ti tó.

Kọntirátọ̀ Abẹ́òkúta (2:11)

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti san owó agbọ̀n yẹn, màá gbé e lọ sílé.

Atẹ̀wé Ṣómólú (3:26)

Ẹ wo èyí tí mo tún kọ:

"Ẹ kú aráfẹ́rakù, sà. Àná ni mo gbọ́ pé bàbá wa papò dà. N kò gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n wá gba ìwé àkókò ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n jókòó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ mi ṣàdúrà. Àdúrà náà ń gbà, sà. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kí Ó fi Alijannà kẹ́ wọn, kí Ó bá wa dá àwọn àgbà tó kù sí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Ìgbà wo ni kí n wá kí i kú oríire? Àti lẹ́tà ọdún 25 ńkọ́?

Akọ̀wé Àná (3:48)

Má fọwọ́ kàn án mọ́, fi ránṣẹ́ báyìí.

Ilé iṣẹ́ ló ń ṣọdún, òun kọ́. Nítorí náà, tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ lókè, kọ ọ́ sí Alákòóso Àgbà wọn, kí ó dé ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Níbí, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ ló ń sọ̀rọ̀, "gbogbo òṣìṣẹ́ wa" wúlò níbẹ̀. Dárúkọ ohun kan tí ẹ ti jọ ṣe: ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fọkàn tán yín pẹ̀lú ìwé títẹ̀ wọn. Má fi ìwé owó sínú àpò ìwé kan náà. Bálánsì, àkáǹtáǹtì wọn ni kó o kọ ọ́ sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Ti oríire, n kò ní fi sáàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Tí òun bá ti fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọ nípa iṣẹ́, o lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan.

Ọmọ Olóyè Ìjẹ̀bú (4:02)

Èmi ò gbà pẹ̀lú ìyẹn o. Ó kéré tán, kí ogójì ọjọ́ pé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò rí àga tuntun tó jókòó lé, tẹ́ ẹ bá kí i kú oríire ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó kàn tún gbé omijé sí i lójú.

Aláṣọ Gbági (4:15)

Ó lè jẹ́ pé bàbá gbọ́ nípa ìgbéga náà kó tó lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló gbà á, bàbá lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí inú bàbá bá dùn sí i, ó lè wù ú kí ẹnìkan rántí rẹ̀. Olúkúlùkù ló mọ ti ara rẹ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú (Ọjọ́bọ̀, 7:40 àárọ̀)

Mo fi ránṣẹ́ lánàá. Ohùn ló fi dá mi lóhùn lálẹ́, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé bàbá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ mi, inú mọ́tò ni òun wà nígbà yẹn tí òun ń dáhùn fóònù. Ó ní kí n tún un sọ fún òun bí mo bá rí òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fúnra rẹ̀ pé ìyá àgbà àwọn ò tíì mọ̀, kí n bá àwọn fi sádùúà.

Mo ń tẹ lẹ́tà ọdún 25 lọ́wọ́ báyìí. Ti oríire, n kò tíì mọ èyí tí n ó ṣe nínú ìmọ̀ràn yín.